LÀMÍDÌ MÉJÌ, ÌWÉ KAN: BÍ AKỌ̀WÉ ẸGBẸ́ ALÁJẸṢẸ́KÙ ṢE GBÉ OWÓ KÁFÍŃTÀ FÚN TÉLỌ̀

Ìtàn àròsọ ni o, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà tú ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àròsọ. Kí ẹni tó ń dáwó sẹ́gbẹ́ kà á dáadáa, kí ẹni tó ń kọ̀wé fún ẹgbẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà tó jẹ́ ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn ìyá ọlọ́jà. Nínú ẹgbẹ́ yìí, ọkùnrin méjì ló ń jẹ́ Làmídì Àkànní. Èkíní ń ránṣọ ní Mọ́kọ́lá, èkejì ń ṣe káfíńtà ní Yemẹtu. Wọn kì í ṣe ẹbí, bàbá tó bí wọn ò mọra. Làmídì ni wọ́n sọ àwọn méjèèjì lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Àkànní sì ni oríkì wọn, òun náà ni wọ́n kọ sílẹ̀ bí ẹni pé orúkọ bàbá wọn ni. Lẹ́nu àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kò sí wàhálà. Tí wọ́n bá fẹ́ pe ti Mọ́kọ́lá, wọ́n á ní "Làmídì Télọ̀". Tí wọ́n bá fẹ́ pe ti Yemẹtu, wọ́n á ní "Bàbá Káfíńtà". Nínú ìwé nìkan ni wọ́n ti di ẹnì kan.

Ẹgbẹ́ fún kálukú ní nọ́ńbà. Télọ̀ ni 38, káfíńtà ni 83. Tí akọ̀wé bá ń kọ nọ́ńbà yìí sí ibi tó yẹ kó kọ ọ́ sí, ìtàn yìí ì bá má wáyé.

ỌDÚN TÍ WỌ́N PÀÀRỌ̀ OWÓ

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà láyé nígbà náà ò ní gbàgbé ọdún 1984. Ní ìparí oṣù kẹrin ọdún náà, ìjọba ológun ti Bùhárí kéde pé àwọn máa pààrọ̀ àwọ̀ owó náírà, pé owó àtijọ́ ò ní í ṣeé ná mọ́ láìpẹ́. Wọ́n ti ẹnubodè. Ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n dá fún aráàlú láti kó owó wọn lọ sí báńkì. Èrò wá pọ̀ ní báńkì bí eṣú. Ẹni tó fowó há abẹ́ ẹní tú u síta, ẹni tó rì í mọ́ inú ìkòkò wú u jáde.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí à ń wí yìí ní àkáǹtì ní báńkì. Nítorí náà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní, "Kí la fẹ́ máa tò nínú oòrùn fún? Ẹ jẹ́ ká kó owó wa fún ẹgbẹ́, kí ẹgbẹ́ kó o lọ." Bí wọ́n ṣe ya bo ilé ìpàdé lọ́jọ́ kan ṣoṣo nìyẹn, ó ju àádọ́rin èèyàn lọ.

Délé ni akọ̀wé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í jalè, kì í mutí. Ní ọjọ́ ìpàdé lásán, báyìí ló ṣe máa ń ṣe é. Á gba owó lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́, á kà á lójú rẹ̀. Á kọ rìsíìtì pẹ̀lú kábọ̀n lábẹ́ rẹ̀: èyí tó wà lókè á lọ sọ́wọ́ olówó, ẹ̀dà á kù sínú ìwé rìsíìtì. Lẹ́yìn náà á kọ ọ́ sínú ìwé owó ojúmọ́, á tún kọ ọ́ sínú páásìbúùkù ẹni náà, á fọwọ́ sí i. Tó bá di alẹ́, á wá kó gbogbo rẹ̀ láti inú ìwé owó ojúmọ́ lọ sínú lẹ́jà, ìwé ńlá tí kálukú ti ní ojú ewé tirẹ̀.

Lọ́jọ́ tí èrò pọ̀ yìí, Délé gé ọ̀nà kúrú. Ó kọ rìsíìtì, ó kọ ìwé owó ojúmọ́, ṣùgbọ́n kò kọ nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́, orúkọ nìkan ló ń kọ. Ó sì ní kí gbogbo èèyàn mú páásìbúùkù wọn padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Láàárọ̀ ni Làmídì Télọ̀ san ₦60. Ó gba rìsíìtì, ó lọ. Lọ́sàn-án ganrínganrín ni Bàbá Káfíńtà dé. ₦240 ló mú wá. Owó yẹn kì í ṣe èrè rẹ̀ o. Owó àsansílẹ̀ ni, tí ilé ìwé kan fún un pé kó bá àwọn kan àga àti bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ. Òun náà gba rìsíìtì, ó ká a, ó fi sínú fìlà rẹ̀, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí abúlé. Kò mú páásìbúùkù wá. Oṣù márùn-ún ló lò níbẹ̀.

BÍ ÀṢÌṢE ṢE WỌLÉ

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Délé jókòó ti àtùpà, ó ń kó owó sínú lẹ́jà. Ó rí "Làmídì Àkànní, ₦60". Ó ṣí ojú ewé 38, ó kọ ọ́. Ó dára. Ó ń bá a lọ. Ó tún kan "Làmídì Àkànní, ₦240". Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé, "Áà, télọ̀ tún padà wá lọ́sàn-án." Télọ̀ yìí ló mọ̀ jù, òun ló ń rán aṣọ fún un. Ó kọ ₦240 náà sí ojú ewé 38.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ìwé ṣe wá rí. Télọ̀ ní ₦300 nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. ₦60 tó san sọ ọ́ di ₦360. ₦240 tí kì í ṣe tirẹ̀ wá sọ ọ́ di ₦600. Káfíńtà ní ₦260 nílẹ̀. Ó yẹ kí tirẹ̀ di ₦500, ṣùgbọ́n ₦260 ló dúró sí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, télọ̀ mú páásìbúùkù rẹ̀ wá. Délé ò béèrè rìsíìtì lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́jà ló wò, ó da ₦600 kọ sínú páásìbúùkù. Ibi tí àṣìṣe yìí ti ta gbòǹgbò nìyí. Páásìbúùkù ló yẹ kó jẹ́rìí lẹ́jà, kó lè mú un tó bá purọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá da ohun tó wà nínú lẹ́jà kọ sínú páásìbúùkù, ẹlẹ́rìí méjì kọ́ nìyẹn mọ́. Ẹlẹ́rìí kan ló sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ óò ní, "Ṣé wọn kì í ṣírò owó ni?" Wọ́n ń ṣírò ó o! Ní ìparí oṣù, Délé ro gbogbo owó inú lẹ́jà pọ̀, ó fi wé iye tó wọlé. Ó dọ́gba, kọ́bọ̀ kan ò yẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ìyá tó ń pín ẹran fún ìbejì lẹ fi máa mọ ìdí rẹ̀. Tó bá ju ègé Táíwò sínú àwo Kẹ́hìndé, tó wá ka ẹran inú àwo méjèèjì pọ̀, iye tó gbé kalẹ̀ láti inú ìkòkò á pé géérégé. Kíkà ò lè fi hàn án pé ẹnì kan fẹ́ sùn lébi. Àṣìṣe tó bá gbé owó ẹnì kan sí ojú ewé ẹlòmíì, àròpọ̀ ò lè mú un. Olówó fúnra rẹ̀ nìkan ló lè mú un.

"TA LÓ FÚN YÍN NÍ RÌSÍÌTÌ YÌÍ?"

Nínú ẹgbẹ́ yìí, ìlọ́po méjì owó tí ọmọ ẹgbẹ́ bá ní nílẹ̀ ni wọ́n lè yá a. Ní oṣù keje, télọ̀ tọrọ ẹ̀yáwó. Wọ́n wo lẹ́jà, wọ́n rí ₦600, wọ́n yá a ní ₦1,200. Ó fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ oníná, ó fi san owó ṣọ́ọ̀bù. ₦100 ni yóò máa san padà lóṣooṣù.

Ní oṣù kẹwàá, ara Bàbá Káfíńtà ti yá, ó padà sí Ìbàdàn. Kò tíì sinmi tí ọ̀gá ilé ìwé fi ránṣẹ́ sí i. Wọ́n ní oṣù márùn-ún rèé tó ti gbowó àwọn, àwọn ò rí igi, àwọn ò rí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ní tí oṣù kọkànlá bá fi parí tí àwọn ò rí iṣẹ́, àwọn á fi ọlọ́pàá gbé e. Bàbá ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ó ti ṣírò rẹ̀ pé ₦500 òun wà lẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ á yá òun ní ₦1,000, òun á ra pákó lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó dé ọ̀dọ̀ Délé. Délé wo ojú ewé 83. Ó ní, "Bàbá, ₦260 lẹ ní. ₦520 la lè yá yín."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Akọ̀wé, o ò rí i dáadáa ni. Mo mú ₦240 wá lọ́jọ́ tí wọ́n ń pààrọ̀ owó." Ó tú fìlà, ó mú rìsíìtì jáde.

Délé gba rìsíìtì. Ó wo nọ́ńbà orí rẹ̀, ó wá a lọ sínú ìwé owó ojúmọ́, ó wá a dé lẹ́jà. Ojú ewé 38 ló ti bá a. Ojú rẹ̀ wá yí padà. Ó ní, "Bàbá, rìsíìtì Làmídì Télọ̀ lèyí. A ti kọ ọ́ fún un láti oṣù karùn-ún. Ta ló fún yín ní rìsíìtì yìí?"

Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ọmọdé! Bàbá Káfíńtà ò dáhùn fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Délé, ṣé o ní mo jalè ni? Èmi Làmídì Àkànní? Orúkọ mi ni wọ́n kọ síbẹ̀ o!" Délé ní, "Orúkọ télọ̀ náà nìyẹn, Bàbá."

Ariwo sọ. Àwọn kan ránṣẹ́ pe télọ̀. Òun náà dé pẹ̀lú ìbínú, ó ń fi páásìbúùkù rẹ̀ han gbogbo ayé. Ó ní, "₦600 ni wọ́n kọ síbí, akọ̀wé ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bá mi lórúkọ jẹ́ o. Tí ẹ bá tún sọ pé owó yín wà lọ́wọ́ mi, àgọ́ ọlọ́pàá la ti máa parí ẹ̀."

ÌYÁ AKÁPÒ GBA ABẸ FẸ́LẸ́ LỌ́WỌ́ AKỌ̀WÉ

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, oorun ò kun Délé. Ó tún ìwé yẹ̀ wò, ó rí i pé òun ò kọ nọ́ńbà kankan lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Àyà rẹ̀ já. Kò tíì dájú pé òun ló ṣàṣìṣe, ṣùgbọ́n ó ti ń fura. Ní àárọ̀ kùtù, ó mú abẹ fẹ́lẹ́ kan, ó fẹ́ ha ₦240 kúrò lójú ewé 38, kó kọ ọ́ sí ojú ewé 83, kó wá máa bẹ télọ̀ níkọ̀kọ̀.

Orí ló bá a ṣe é tí Ìyá Akápò wọlé bá a. Ìyá yìí ń ta gààrí, kò ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi owó rẹ́ ẹ jẹ. Ó rí abẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Délé ọmọ mi, gbé abẹ yẹn sílẹ̀. Àṣìṣe ni nǹkan tó wà níbẹ̀ báyìí. Tó o bá fi abẹ kàn án, ó di olè. Tí ìwé bá ti ní ojú ọgbẹ́, ta ló tún máa gba gbogbo èyí tó kù gbọ́?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Akọ̀wé tó ha ìwé láti tún òtítọ́ ṣe àti akọ̀wé tó ha ìwé láti kówó jẹ, ọgbẹ́ kan náà ni wọ́n fi sílẹ̀ lára ìwé. Kò sẹ́ni tó lè fi ojú mọ èyí tó jẹ́ ọmọlúàbí nínú wọn.

Ìyá Akápò ló sì mú kí àwọn méjèèjì gbà láti má lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó ní, "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní òfin tirẹ̀." Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Láti ọdún 1935 tí òfin àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ni wọ́n ti la ọ̀nà sílẹ̀ pé tí aáwọ̀ owó bá wà láàárín ọmọ ẹgbẹ́ àti ọmọ ẹgbẹ́, tàbí láàárín ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹgbẹ́, ọ̀dọ̀ ọ̀gá tí ìjọba fi ṣe olórí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ni kí wọ́n gbé e lọ. Ó lè dá a fúnra rẹ̀, ó sì lè yan ẹlòmíì láti là á. Òfin ọdún 1993 tó wà lónìí náà ò yọ ọ̀nà yìí kúrò. Ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá yìí, wọ́n sì rán ìsípẹ́kítọ̀ kan wá.

BÍ ÌSÍPẸ́KÍTỌ̀ ṢE TÚ U

Ọjọ́ Àìkú ni ìpàdé. Ìsípẹ́kítọ̀ jẹ́ ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í yára sọ̀rọ̀. Kò béèrè ta ló jalè. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé: "Kí ẹnikẹ́ni má sọ ohun tó rò. Ìwé ni mo fẹ́ rí."

Ó yíjú sí télọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, lẹ́jà sọ pé ẹ sanwó lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn, ₦60 àti ₦240. Ẹ fún mi ní rìsíìtì méjèèjì." Télọ̀ wá inú àpò, ó wá inú páásìbúùkù. Ẹyọ kan ló mú jáde, ti ₦60. Ó ní bóyá ìkejì sọnù. Ìsípẹ́kítọ̀ ní, "Ó lè sọnù lóòótọ́." Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó yíjú sí káfíńtà. Bàbá mú rìsíìtì ₦240 jáde. Ìsípẹ́kítọ̀ gbé e lé ẹ̀dà kábọ̀n inú ìwé rìsíìtì, nọ́ńbà wọn bára mu, ọwọ́ akọ̀wé ni. Ó ní, "Rìsíìtì yìí kì í ṣe ayédèrú. Ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ti èèyàn méjì. Ẹni tó mú un lọ́wọ́ lè jẹ́ olówó, ó sì lè jẹ́ ẹni tó rí i he nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wá ohun tí Làmídì kan lè ṣe, tí Làmídì kejì kì í ṣe."

Gbogbo èèyàn ń wo ara wọn. Ìyá Akápò ló wá pa àtẹ́wọ́. Ó ní, "Ìwé mi! Ìwé tí mo fi kówó lọ sí báńkì!"

Ẹ rántí pé owó àtijọ́ ni wọ́n ń gbà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rù ń ba Ìyá Akápò pé tí báńkì bá kọ owó kan, àwọn ò ní mọ ẹni tó ni ín. Ó wá ní kí ọmọ rẹ̀ jókòó ti òun, kó máa kọ irú owó tí kálukú bá mú wá sínú ìwé aláìláàlà kan, kí ẹni náà sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó mọ̀wé á kọ orúkọ rẹ̀, ẹni tí kò mọ̀wé á tẹ àǹtẹ̀ ìka. Délé ò mọ̀ pé ìwé yìí ṣì wà. Ìyá ti fi bò abẹ́ àpótí gààrí.

Wọ́n gbé e dé. Ìsípẹ́kítọ̀ rọra ṣí i. Ní apá òkè, ó rí "Làmídì Àkànní, ₦10 mẹ́fà", pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n fi báírò kọ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì, ó rí "Làmídì Àkànní, ₦20 méjìlá". Kò sí orúkọ kankan ní iwájú rẹ̀. Àtàǹpàkò tí wọ́n ki bọ inú yíǹkì ló wà níbẹ̀, ó ṣú dúdú.

Ìsípẹ́kítọ̀ béèrè fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó télọ̀. Orúkọ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ kan náà ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó béèrè fọ́ọ̀mù tí káfíńtà fi wọ ẹgbẹ́. Àtàǹpàkò ni. Ó wá gbé yíǹkì jáde, ó ní kí Bàbá Káfíńtà tẹ ìka lórí bébà. Kò tilẹ̀ pọn dandan kó wá ẹni tó mọ ìlà ọwọ́ wò. Àpá gígùn kan gba àárín àtàǹpàkò Bàbá kọjá, ayùn ló gé e nígbà tó ń kọ́ṣẹ́. Àpá yẹn wà lórí bébà, ó wà nínú ìwé Ìyá Akápò.

Ilé pa rọ́rọ́. Télọ̀ tẹjú mọ́lẹ̀. Ìsípẹ́kítọ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, nígbà tẹ́ ẹ rí ₦600 nínú páásìbúùkù, tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ₦360 ló yẹ kó wà níbẹ̀, ẹ ò béèrè?" Télọ̀ ní, "Mo rò pé èrè ọdún ni wọ́n pín." Àwọn kan kùn. Ìsípẹ́kítọ̀ ní kí wọ́n dákẹ́. Ó ní ìwé lè sọ ẹni tó ni owó, ṣùgbọ́n ìwé ò lè sọ ohun tó wà nínú ọkàn èèyàn, òun ò sì ní kọ ohun tí òun ò rí.

BÍ WỌ́N ṢE TÚN UN ṢE

Ẹ wo bó ṣe tún ìwé ṣe, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ pọ̀ sí. Kò pa nǹkan kan rẹ́. Àkọsílẹ̀ àṣìṣe ti oṣù karùn-ún wà níbi tó wà títí dòní. Ìlà tuntun ló fà lábẹ́ ojú ewé 38, ó kọ déètì ọjọ́ náà, ó yọ ₦240 kúrò, ó kọ ìdí rẹ̀: "Owó ọmọ ẹgbẹ́ 83 tí a kọ síbí nínú àṣìṣe." Ó lọ sí ojú ewé 83, ó fi ₦240 kún un, ó kọ nọ́ńbà rìsíìtì rẹ̀, ó sì kọ ibi tó ti wá. Télọ̀ fọwọ́ sí i, káfíńtà tẹ̀ ẹ́, akápò àti akọ̀wé náà fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ka ìwé yẹn lẹ́yìn ogún ọdún á rí àṣìṣe, á rí àtúnṣe, á rí àwọn tó wà níbẹ̀.

Ó wá ku ẹ̀yáwó. Télọ̀ ti gba ₦1,200 lórí ₦600 tí kì í ṣe tirẹ̀ tán. ₦360 gan-an ló ní, nítorí náà ₦720 ló tọ́ sí i. Ó ti san ₦100 ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ₦900 ló kù lọ́rùn rẹ̀. ₦180 ló fi lé. Àwọn kan ní kí wọ́n gba ẹ̀rọ rẹ̀ tà. Ìsípẹ́kítọ̀ kọ̀. Ó ní tí ẹ bá gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ télọ̀, kí ló fẹ́ fi san gbèsè? Wọ́n fẹnu kò pé fún oṣù mẹ́ta, yóò máa fi ₦60 kún ₦100 tó ń san. Ọmọ ẹgbẹ́ méjì sì dúró fún un.

Bàbá Káfíńtà, ₦500 rẹ̀ ti pé, ₦1,000 ló tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ₦700 péré ló wà nílẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà, nítorí owó ti wà níta lọ́wọ́ àwọn tó yá a. Wọ́n kó ₦700 fún un lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní ₦300 tó kù á dé lóṣù tó ń bọ̀. Alága ẹgbẹ́ bá a lọ sí ilé ìwé, wọ́n ṣàlàyé. Nígbà tí oṣù kọkànlá fi parí, ìdajì àwọn bẹ́ǹṣì ti dé ilé ìwé. Ìdajì tó kù dé kí Kérésìmesì tó wọlé.

Délé dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Bàbá. Bàbá ní, "Dìde. Owó mi tó o gbé sọnù, mo ti rí i. Ọ̀rọ̀ tó o sọ sí mi lójú gbogbo èèyàn ńkọ́, ìwé wo lo fẹ́ fi tún un kọ?" Délé ò rí èsì. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ó dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, ó sọ lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé òun ló ṣàṣìṣe, pé Bàbá Káfíńtà kì í ṣe olè. Ọjọ́ yẹn ni Bàbá tó bá a rẹ́rìn-ín. Wọn ò lé e kúrò níṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, orí ojú ewé lẹ́jà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, orúkọ, iṣẹ́, àdúgbò àti àǹtẹ̀ ìka. Kò sì sí rìsíìtì tó ń jáde láìní nọ́ńbà.

Télọ̀ àti káfíńtà ńkọ́? Wọn ò di ọ̀rẹ́, àwa ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n wọ́n ń kíra. Télọ̀ á ní, "Olórúkọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o." Káfíńtà á ní, "Ọ́ọ̀, nọ́ńbà 38."

Ẹ̀YIN ŃKỌ́?

Ẹ lè ní ti ayé àtijọ́ nìyẹn, pé kọ̀ǹpútà ti dé. Orúkọ ò tíì yé jọra o. Ìdí tí báńkì fi ń fún kálukú ní nọ́ńbà àkáǹtì olójú mẹ́wàá nìyẹn, tí nọ́ńbà BVN àti NIN sì jẹ́ olójú mọ́kànlá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fowó ránṣẹ́ lórí fóònù, tí orúkọ sì yọ, ẹ má wulẹ̀ wo orúkọ kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́. Làmídì mìíì lè wà níbẹ̀. Ẹ ka nọ́ńbà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Tẹ́ ẹ bá sì ń dáwó sẹ́gbẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ńbà yín sórí rìsíìtì kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ páásìbúùkù lójú yín, láti inú rìsíìtì, kì í ṣe láti inú lẹ́jà. Ẹ má sọ rìsíìtì nù títí ọdún á fi parí tí wọ́n á sì ka owó yín fún yín. Tẹ́ ẹ bá sì rí i pé owó yín lé, ẹ sọ ọ́ kíá, ọ̀la ni wọ́n máa bi yín.

Bí ọ̀rọ̀ olórúkọ-jọra bá ti kó bá ẹnikẹ́ni nínú yín rí, ẹ kọ lẹ́tà sí wa. Àyè wà fún un lójú ìwé àwọn òǹkàwé.